Mo Kí Àlejò bí Ọ̀rẹ́, Mo Kí Ọ̀rẹ́ bí Àlejò

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ṣì máa ń tì mí, ẹ̀rín á sì pa mí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo yà sí ilé ìtajà kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ láti ra ọṣẹ àti mílíìkì. Èrò ti tò síwájú ẹni tó ń gbowó. Ẹ̀yìn obìnrin tó wà níwájú mi ni mo rí: ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, gèlè aláwọ̀ ewé. Mo ní, Fúnmi nìyí.

Èmi àti Fúnmi jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni. Àìsàn ò jẹ́ kó lè wá síbi ìsìnkú ìyá mi, láti ìgbà náà ni ojú sì ti ń tì í láti pè mí. Èmi ò bínú rárá, mo sì fẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lójú láti ẹ̀yìn, bí a ti máa ń ṣe.

"Arúgbó yìí, o ṣì wà láyé? Ta ló ń bọ́ ẹ tí o fi ń dán báyìí?"

Obìnrin náà rọra ká ọwọ́ mi kúrò, ó yíjú sí mi. Ó tó ìyá tó bí mi lọ́mọ.

Ó ní, "Arúgbó ni mí lóòótọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́."

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ni yín ni."

Ó ní kí n dìde. Mo wá ń bá ara mi wí nínú. Ẹni tí a ò mọ̀ rí, tí a kàn jọ tò sórí ìlà, "Ẹ káàsán mà, ẹ kú ìdúró" ti tó o. A kì í fọwọ́ kàn án, a kì í bi í léèrè ilé, ká má tilẹ̀ wá sọ ti èébú.

Ibi tí mo ti ń ronú lórí ìyẹn ni ẹnìkan wá dúró lẹ́yìn mi. Mo yíjú sí i láì gbójú sókè. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìdúró."

Fúnmi gan-an ni.

Ojú rẹ̀ fà ro. "Èmi ni o ń pè ní 'ẹ'? O tún ń pè mí ní 'mà'? Ó dáa. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ." Ó gbé agbọ̀n ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Kò sì jẹ̀bi. Bí ọ̀rẹ́ tó ń bú ọ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ọ, ìjà ti dé nìyẹn.

Màmá yẹn ló gbà mí. Ó ní, "Má lọ, ọmọ mi. Èmi ló ti gba ìkíni tìrẹ." Ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí arúgbó.

Fúnmi wo gèlè màmá, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpò ìrẹsì.

Mo ní, "Arúgbó, dìde, kí o tó fọ́ ìrẹsì onírẹsì."

Ó ní, "Olójú tí ò ríran." Ó dì mọ́ mi, ó sì kí mi kú ọ̀fọ̀ ìyá mi níbẹ̀, pẹ̀lú omi lójú. Ọkàn mi fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo ti kọ́gbọ́n: a kì í fi ẹ̀yìn dá ọ̀rẹ́ mọ̀. Báyìí, kí n tó bú ẹnikẹ́ni, mo máa ń yí lọ síwájú rẹ̀ kí n wò ó dáadáa.