Rúùtù Méjì Lórí Aṣọ Àlájà

Sátidé kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ orí mi ti funfun báyìí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe iṣẹ́ aró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo ti kàwé díẹ̀, mo sì gbọ́ òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo èékánná dúdú ọmọ aláró kó gbà bẹ́ẹ̀?

Ilé Àlájì, oníṣòwò tó múlé tì wá, la ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù kan wà tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn tó ń wò ó a máa kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìtàn Rúùtù ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Rúùtù ṣì jẹ́ ọmọdé. Obìnrin àjèjì kan tó ní àpá lókè ojú òsì fún un ní kọ́kọ́rọ́ idẹ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Rúùtù ti dàgbà, ó ti di nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ sì ń dán, kò ní àpá kankan. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ilẹ̀kùn kan ní ilé ìwòsàn, ilẹ̀kùn náà sì gbé e padà sí ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fa bàbá rẹ̀ yọ nínú odò níbi tí ìbá ti kú sí, ó sì padà sí ayé tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n tún fi àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá náà bọ́ sódò hàn wá. Rúùtù tí kò ní àpá ń jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn, obìnrin alápàá sì fara pamọ́ lódìkejì títì, ó ń wò ó. Ojú kan náà ni wọ́n ní.

Tíṣà dìde. Ó háyà yàrá nílé Àlájì, ó sì ń kọ́ni níléèwé gíga. Ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló da fíìmù pọ̀. Wọ́n fi ti ìparí síwájú."

Gbogbo pálọ̀ ní òótọ́ ni. Èmi nìkan ni mo sọ pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ aláró, fíìmù kì í ṣe ìkòkò ẹ̀lú."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé eegun. Mo ní, "Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, màá tú u palẹ̀ fún yín. Bí mo bá ṣì í, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ pálọ̀ yìí mọ́." Ẹnu mi yá ju orí mi lọ.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń tú u. Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà méjì ni ọjọ́ ń gbà rìn nínú fíìmù yẹn. Ọ̀kan ni bí àwọn ará ìlú ṣe rí i, èkejì ni bí Rúùtù fúnra rẹ̀ ṣe gbé e. Mo nílò ibi tó fẹ̀ tí mo lè ya á sí. Aṣọ funfun kan sì wà nílẹ̀ tí Àlájà kan láti Òkè-Ìlewọ́ gbé wá, pé ká ya ẹyẹ sí i fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ọkọ. Mo rò ó pé ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró mu ibi tó bá wà, ni à ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ, bí kò bá tíì wọ aró, omi á fọ̀ ọ́ kúrò. Kí ló burú ńbẹ̀?

Mo ya ìlà gígùn kan fún ọjọ́ ìlú, mo ya ọmọdé, odò, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́. Mo wá ya ìlà kejì fún ọjọ́ ayé Rúùtù, mo ya Rúùtù alápàá tó di kọ́kọ́rọ́ mú sí i. Ìlà náà lọ síwájú, ó ṣẹ́rí padà, ó tún lọ síwájú, ó tún ṣẹ́rí padà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo sá á sóòrùn kí n lè máa wò ó. Mo bá lọ ra láfún lọ́jà.

Ìyá Aláró, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, rí aṣọ tí ẹ̀kọ ti gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yìí mà ti ṣiṣẹ́ o. Kí n tó dé, aṣọ Àlájà ti wọ inú aró lẹ́ẹ̀mẹta.

A ha ẹ̀kọ kúrò. Rúùtù méjì, ọmọdé àti àgbà, ló yọ funfun báláú lára aró dúdú, kò sí ẹyẹ kan.

Ìyá Aláró súnmọ́ ọn. "Ẹyẹ wo lèyí tó di kọ́kọ́rọ́ mú?"

Mo jẹ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Aṣọ ti bàjẹ́, ṣé kí ìbàjẹ́ rẹ̀ wá lọ lásán? Ní Sátidé, mo gbé e lọ sí pálọ̀ Àlájì, mo sì fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri.

Mo ní, "Ẹ wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Rúùtù sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun sọ òkò lu obìnrin àjèjì kan létí odò. Ẹ ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé. Ara rẹ̀ ló lù! Rúùtù máa gba ẹnu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì. Á bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọmọdé náà á sọ òkò lù ú, ibẹ̀ ni àpá ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́, torí bí kò bá fún un, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn wá gba bàbá wọn là? Ó wá fara pamọ́ ní òdìkejì títì nítorí ó mọ̀ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ jáde, òun ò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kọ́kọ́ wò, apá ẹ̀yìn ìrìn àjò rẹ̀ ló wà."

Tíṣà súnmọ́ aṣọ náà. "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ọmọdé gbà á lọ́wọ́ àgbà, àgbà sì ni ọmọdé náà. Alágbẹ̀dẹ wo ló rọ ọ́?"

"Kò sí ẹni tó rọ ọ́, sà. Ó kàn ń yí po ni."

"Tó bá ń yí po, ṣé kò ní gbó?"

Mo ní, "Ìyẹn ò yé mi, sà. Ṣùgbọ́n fíìmù ò dàpọ̀!"

Ibi tí mo ti ń na ọwọ́ sí àpá Rúùtù lára aṣọ ni ohùn kan ti dún lẹ́nu ọ̀nà. "Sàlámù aleikun. Àlájì, ta ló kan aṣọ ọmọ mi mọ́ ògiri? Ìṣẹ́tí tí mo fọwọ́ ara mi rán nìyẹn!"

Àbúrò Àlájì ni Àlájà ará Òkè-Ìlewọ́! Mi ò mọ̀. Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó ronú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ̀bi mi ni. Màá ṣe òmíràn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù tòní tán, kí àwọn èèyàn yìí má baà sọ pé mo purọ́."

Àlájà wo Àlájì, wọ́n wo aṣọ, wọ́n wò mí. Wọ́n jókòó pẹ̀lú ìbínú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Rúùtù gba ẹnu ilẹ̀kùn, ó dé etí odò, ó na ọwọ́ sí ọmọdé náà. Ọmọdé náà figbe ta, ó sọ òkò. Ó bà á lókè ojú òsì! Pálọ̀ hó. Àlájì ń gbá itan. Àlájà alára ti gbàgbé ara wọn, wọ́n pariwo pé, "Ara rẹ̀ ló lù!" Tíṣà ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku ló wọ̀ ọ́.

Bí ti ọjọ́ náà ti parí ni Àlájà dìde. "O gbọ́n, ọmọ yìí. Aṣọ ẹlẹ́yẹ mi dà?"

Ìyá Aláró ló dá ìdájọ́: n óò ra aṣọ mìíràn, n óò ya ẹyẹ sí gbogbo ara rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan. Sátidé mẹ́ta ni mo fi ya ẹyẹ, tí mò ń gbọ́ ariwo ilé Àlájì lẹ́yìn ògiri. Láàárín Sátidé mẹ́ta yẹn náà ni gbogbo ìtàn Rúùtù parí pátápátá.

Tíṣà wá bá mi nídìí ìkòkò, ó rọra ní, "Ṣé kí n sọ bó ṣe parí fún ọ?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ lè sọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má fi aṣọ aláṣọ jà fún òótọ́ tirẹ̀. Èmi tí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Rúùtù ti bẹ̀rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, èmi nìkan ládùúgbò yẹn ni mi ò mọ ibi tó parí sí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: mo jàre.