Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ẹ̀sùn Tí Ṣèyítán Pa Dé Lọ́jọ́ Kan

Ṣèyítán kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. Ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó sinmi. Bí ó bá se ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò jóná, gbogbo Òkè-Ìlá ni yóò gbọ́ pé àsè ńlá ti wáyé. Nígbà tí ó wá rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwé, ó sọ fún ọlọ́kadà tó gbé e lọ pé òun ni wọ́n pè láti wá tún ilé iṣẹ́ náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù níbẹ̀, wọn kò tíì fún un ní àga tó dúró dáadáa, wọ́n sì ní àwọn yóò fi oṣù mẹ́ta wo ìwà rẹ̀ kí àwọn tó gbà á tán.

Ètò tí wọ́n ń tà ni èyí tí àwọn tíṣà fi ń kó máàkì ọmọ jọ, tí ó ń tẹ káàdì èsì ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí jáde. Bí tíṣà kan bá rí àbùkù nínú rẹ̀, yóò kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá yanjú ẹ̀sùn, wọn a pa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ó ń bẹ níbẹ̀ tó ń wò wọ́n.

Èyí tó ń wò wọ́n lọ́dún yìí pọ̀! Ṣèyítán ló ṣí ojú ìwé náà lọ́sẹ̀ kejì tó débẹ̀. Ó pariwo.

"Àǹtí Ọmọ́wùnmí! Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá! Òmíràn ti tó ọdún mẹ́rin!"

Àǹtí Ọmọ́wùnmí ni obìnrin tó ń gbé fóònù àwọn oníbàárà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀. Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Àwa méjì péré ló wà níbí nígbà náà."

Ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Olúyẹ́misí, gbọ́ ariwo náà. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ tí o rí i ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí o kọ èyí tó yẹ ká pa dé àti ìdí rẹ̀. Má tíì pa ọ̀kankan dé o."

Bí ọ̀gá ti kọjá, Àǹtí Ọmọ́wùnmí là á yé e. "Pé tíkẹ́ẹ̀tì gbó kò sọ pé ó ti kú. Kọ́kọ́ wo ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwa la bi tíṣà ní ìbéèrè tí kò dáhùn, ẹjọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ òun ló sọ̀rọ̀ tí a kò dá a lóhùn, ẹjọ́ tiwa ni, kódà bí ó pé ọdún mẹ́wàá."

"Àǹtí, ẹ má ṣèyọnu. Ṣèyítán kì í wà lọ́fíìsì kí orí tíkẹ́ẹ̀tì ó wọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní, "Kò ṣiṣẹ́." Kí ni kò ṣiṣẹ́? Kò sọ. Ìkejì ní kí ètò náà máa kí pírínsípà ní ẹ káàárọ̀ bí ó bá ti ṣí i. Ìkẹta jẹ́ ti ilé ìwé kan tó ti kógbá sílé. Tíṣà kan ní Ìjerò kọ ẹ̀sùn kan náà nígbà mọ́kànlá, ó ń bínú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wá láti ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan lọ́nà Ìlawẹ̀: Sístà Dùnmínínú, tó jẹ́ pírínsípà wọn, ní lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ń di àmì ìbéèrè lórí ìwé tí àwọn bá tẹ̀ jáde. Ṣèyítán gbìyànjú èyí. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ bó ti máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: Seyitan. Ó jáde ketekete.

"Mi ò rí nǹkan tó ń ṣe Sístà."

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, mọ́kàndínlógún péré ló tíì yẹ̀ wò. Ó ṣírò rẹ̀: bí ó bá ń bá a lọ báyìí, oṣù kan àti díẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Fájuyì pé ọjọ́ kan ni òun yóò fi parí rẹ̀!

Ìyáàfin Olúyẹ́misí rìnrìn àjò lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣèyítán jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ó to gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún kan jọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá ló tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ó mú gbogbo wọn pọ̀. Kọ̀ǹpútà bi í pé: kí ni ìdí? "A kò lè ṣe é" ní àyè àlàyé lábẹ́. "Ẹ̀dà ni" ń bèèrè pé ẹ̀dà èwo. "A ti yanjú rẹ̀" nìkan ni kò bèèrè ohunkóhun. Ẹni ire! Ó mú un. Kò wo àpótí kékeré ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀: *fi tó ẹni tó kọ ọ́ létí.*

Ó tẹ bọ́tìnì.

Ímeèlì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá gbéra, wọ́n gba Ìkéré, wọ́n gba Ìfàkì, wọ́n dé gbogbo ibi tí tíṣà wà: "Inú wa dùn láti sọ fún yín pé a ti yanjú ẹ̀sùn yín. Ẹ ṣé fún sùúrù yín." Ṣèyítán ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e sórí fóònù fún gbogbo ayé: "Ọjọ́ kan péré!"

Ẹyin lohùn, àbí? Ẹyin ṣì kéré. Bí ẹyin kan bá bọ́, ẹ óò nù ún. Kí lẹ fẹ́ fi nu ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù kọ́kọ́ dún fún ọpẹ́. Sístà Dùnmínínú ni.

"Ọmọ mi, ìwọ lo yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ wa?"

Ìbá sọ òtítọ́. Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn. "Èmi ni, Sístà. Kékeré nìyẹn."

"Ọlọ́run á bùkún fún ọ. Ọdọọdún ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, tíṣà àwòrán wa, máa ń fi ọwọ́ kọ ìwé-ẹ̀rí. Lọ́dún yìí a óò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́rú ni ayẹyẹ ìfúnnilẹ́bùn. Wá, kí àwọn ọmọ rí ọ."

Ṣèyítán lọ o! Ó wọ agbádá. Wọ́n mú un jókòó sídìí tábìlì ńlá ti àwọn àlejò pàtàkì, wọ́n ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Ó sọ mẹ́rìnlá. Ó ní ìmọ̀ ni ó ṣe é, kì í ṣe agbára.

Bàbá Adéyẹmí, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde láti pe orúkọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọn ìwé náà dé láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, gbígbóná fẹli. Bàbá fi awò sójú.

"Ẹni tó gba ipò kìíní nínú ìṣirò: Òkìkí... lá." Ó sún awò sókè. "Òkìkí lá kí ni?"

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá mú òmíràn.

"Adé... wà? Ṣé adé wà ni?"

"Adé wà o, Bàbá!" Gbogbo gbọ̀ngàn ló dáhùn.

Òógùn bo Ṣèyítán nínú agbádá. Bàbá mú ìkẹta. "Olúwabùsáy... àmì ìbéèrè, àmì ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ni wọ́n ń bèèrè, àbí èmi ni wọ́n ń bi?"

Ẹ̀rín gba ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ni orúkọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde wá tòun tomijé. Ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ó gbà láyé rẹ̀ nìyẹn, ìyá rẹ̀ sì ti ra férémù sílẹ̀ dè é. Sístà Dùnmínínú yíjú sí Ṣèyítán. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn bi í pé, "Ọmọ mi, kí lo wá yanjú gan-an?"

Ṣèyítán dìde kúrò nídìí tábìlì ńlá.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ló gba ọjọ́ náà là. Ó fa bírò dúdú yọ, ó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ń kọ ìwé-ẹ̀rí mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Di rúlà mú," ló sọ fún Ṣèyítán. "Ùṣẹ́ rere kì í pariwo." Ṣèyítán di rúlà mú láti aago mọ́kànlá títí di aago méjì.

Ó padà dé ọ́fíìsì bá ìjì. Iṣẹ́ tí a fi bọ́tìnì kan mọ, fóònù ni yóò wó o. Tíṣà Ìjerò ti pè nígbà mọ́kànlá. Ìyáàfin Olúyẹ́misí ti dé.

"Mà, mo fẹ́ ṣí gbogbo wọn padà báyìí báyìí!"

"Dúró! Ṣé kí ímeèlì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mìíràn tún lọ ni? Kọ́kọ́ mú máàkì kúrò nínú àpótí yẹn."

Ó mú un kúrò, ó ṣí wọn padà láìpariwo, wọ́n sì fi lẹ́tà kan ṣoṣo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ilé ìwé. Ọ̀gá kò lé e. Ó ní kí ó jókòó ti Àǹtí Ọmọ́wùnmí.

Àwọn méjèèjì yẹ àwọn ẹ̀sùn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sùn tó jọra, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ọ̀kan. Mọ́kànlá ti Ìjerò di ẹyọ kan. Èyí tó kan ohun tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ètò, wọ́n pa á dé, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó kù, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nínú ètò tòní, pẹ̀lú ohun tí tíṣà náà kọ gan-an. Èyí tí kò yé wọn, bí "Kò ṣiṣẹ́" yẹn, Ṣèyítán pe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù, ó bi í, wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n sì sọ fún un pé bí àwọn bá pa á dé, ó lè ṣí i padà. Ti Sístà ńkọ́? Ṣèyítán tẹ orúkọ ara rẹ̀ tòun tàmì lọ́tẹ̀ yìí. *?èyítán* ló jáde. Apá tó ń tẹ ìwé ṣì ń lo àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí kò mọ ọ, ẹ àti ṣ rí. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó tún un ṣe. Ó tẹ ìwé-ẹ̀rí Olúwabùsáyọ̀, ó gbé ọ̀kadà lọ fi fún un fúnra rẹ̀, kí ó tó pa tíkẹ́ẹ̀tì náà dé.

Lópin oṣù, nínú gbogbo ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kù, ojúlówó sì ni gbogbo wọn. Ṣèyítán wọ agbádá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Mà, kì í ṣe pé mo fẹ́ yin ara mi o, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i wò."

Ọ̀gá ṣí i. Igba ó lé mẹ́jọ.

"Há! Mà, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni lọ́jọ́ Ẹtì!"

"Àwọn tíṣà ti gbọ́ pé ẹnìkan ti ń ka ẹ̀sùn wọn," ni Àǹtí Ọmọ́wùnmí wí. "Àwọn tó ti sú tẹ́lẹ̀ ló tún padà wá."

"Ta ló lè lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Ìwọ ni. Gbogbo tíṣà tí o pè lórí fóònù lo sọ ọ́ fún."

Ṣèyítán na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Mà, ẹ jẹ́ kí n..."

Ọ̀gá gbá ọwọ́ náà dànù. "Má pa ìkankan dé nínú wọn. Ẹnu rẹ nìkan ni kí o pa dé."