Ìdáhùn Kan fún Gbogbo Ayé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín wa pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ ló ṣọ̀wọ́n. Ọkùnrin kan wà tó ń tún fíríìjì ṣe, Ọ̀gá Gírámà là ń pè é. Tó bá fẹ́ sọ fún oníbàárà pé wáyà kan já, á kọ́kọ́ ki wáyà náà. Kí ó tó ki í tán, omi yìnyín á ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà.

Orí bá a ṣe é, nọ́ọ̀sì kan gbà láti fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé fọ́tò òrùka sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ìkíni bá ń rọ́ dé. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé, "Dá wọn lóhùn ní ṣókí. Pe ẹni náà bó o ṣe máa ń pè é. Dúpẹ́. Fi ohun kan tó kan òun nìkan kún un. Gbólóhùn méjì ti tó."

"Gbólóhùn méjì?" ni Ọ̀gá Gírámà wí. "Ṣé èmi ni wọ́n á rí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó wá jókòó sórí páálí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ìdáhùn kan ṣoṣo: "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àràbà inú igbó, ẹ̀yin òkun tí kì í gbẹ. Ìfẹ́ wa jìn ju kànga lọ. Tiyín náà yóò dé láìpẹ́, a ó sì wá bá yín jó." Ó dà á kọ, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìkíni gbogbo, kò ka ìkankan. Bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Bó bá mọ lílẹ̀ nìkan, á bá àgbà jà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ni obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín. Ohun tó ti kọ ni pé, "Ẹ kú oríire. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá wo fírísà mi?" Nígbà tó rí i pé tòun náà yóò dé láìpẹ́, ó ní, "Ó ti dé. Ẹja mi ti ń rùn."

Tíṣà rẹ̀ àtijọ́ ti kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ kò jẹ́ kóun jáde mọ́, ṣùgbọ́n inú òun dùn. Òun náà fèsì: "Ẹ ó wá bá mi jó, ọmọ mi? Ẹsẹ̀ wo ni kí n múra sílẹ̀?"

Èyí kéré. Bàbá ìyàwó ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí pé, "Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa fẹ́ràn ara yín." Ọ̀gá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò pẹ́ ni ìyá ìyàwó béèrè lójú gbogbo ẹbí: "Bàbá Nọ́ọ̀sì, tiyín tó ń bọ̀ láìpẹ́ yìí, níbo ló ń gbé?"

Jìnnìjìnnì mú Ọ̀gá, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Fóònù sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́.

Ìyá ní, "Háà. Ẹ ti ń bo ara yín láṣìírí."

Bàbá pe Ọ̀gá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ mi, ìyá yín ti kó oúnjẹ mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti í pa. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé láti ibi iṣẹ́, kò pariwo. Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Ka ohun tí wọ́n kọ ná. Lẹ́yìn náà ni kó o tó kọ tìrẹ."

Ẹnu ya Ọ̀gá bó ti ń kà. Òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí bá òun sọ̀rọ̀. Ó kọ sí Tíṣà: "Ẹ ṣé, Tíṣà mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. A ó wá kí yín nílé." Ó kọ sí ẹlẹ́ja pé, "Ẹ ṣé, ìyá wa. Mo ń bọ̀ lówùúrọ̀." Ó kọ sí ìyá ìyàwó pé: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Dádì kò ní ẹlòmíràn, èmi ni mi ò ka ọ̀rọ̀ wọn kí n tó fèsì. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ fún mi lọ́mọ yín."

Bàbá jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá, tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò òrùka náà: "Àbúrò mi, ìdáhùn rẹ wọni lára báyìí. Ta ló bá ọ kọ ọ́?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í to àlàyé gbọọrọ. Nọ́ọ̀sì kàn wò ó. Ọ̀gá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́ pé, "Ìyàwó mi ló kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé."

Ìyá ìyàwó fi àmì ọkàn pupa sí i, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gbé fóònù yẹn fún ọmọ mi pátápátá."